Fìlà Pharrell, Písà DiGiorno àti Ọṣẹ Tide: Nígbà Tí Ilé-iṣẹ́ Bá Dá Sí Ẹ̀fẹ̀ Wa

Ẹ ti rí irú rẹ̀ lórí fóònù yín. Míìmù kan á gbòde, gbogbo èèyàn á máa pín in, ẹnìkan á fi ọjà kan ṣe ẹ̀fẹ̀ nínú rẹ̀. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, àkáǹtì ilé-iṣẹ́ tó ni ọjà náà ti dá sí i, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọmọ àdúgbò ni. Nígbà mìíràn a máa rẹ́rìn-ín títí. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, inú á bí wa, wọ́n á sì pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ kíá. Kí ló fà á? Lónìí, a óò wo ìtàn mẹ́ta láti Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 2014 sí 2018. Ìtàn fìlà kan la óò fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ló dùn jù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Ní ọjọ́ 3, oṣù kejì ọdún 2013, iná lọ ní pápá ìṣeré tí wọ́n ti ń gbá àṣekágbá Super Bowl ní ìlú New Orleans. Ìṣẹ́jú 34 ni ìdíje fi dúró. Àwọn tó ń ṣe bisikíìtì Oreo fi àwòrán kan sórí Twitter, wọ́n ní èèyàn ṣì lè ki bisikíìtì bọ mílíìkì nínú òkùnkùn. Ọ̀rọ̀ yẹn gbayì gan-an. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi èèyàn ṣọ́ Twitter nígbàkigbà tí ètò ńlá bá ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n. Kálukú ń dúró de ìgbà tí iná tirẹ̀ náà máa lọ.

Kò pé ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 26, oṣù kìn-ín-ní ọdún 2014, ni wọ́n ṣe ètò Grammy ní Los Angeles. Olórin Pharrell Williams dé síbẹ̀ pẹ̀lú fìlà ńlá aláwọ̀ búráùn kan. Fìlà náà ga, ó fẹ̀, orí rẹ̀ sì tẹ̀ wọnú bí ẹni pé wọ́n fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe fìlà tuntun o. Gbajúmọ̀ aránṣọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Vivienne Westwood, ló gbé irú rẹ̀ jáde ní ọdún 1982. Ṣùgbọ́n àwọn tó jókòó ti fóònù lálẹ́ ọjọ́ yẹn kò bá Westwood lọ. Ohun tí wọ́n rí ni fìlà Arby's.

Ta ni Arby's? Ilé oúnjẹ ni. Àwọn ọmọ ìyá méjì kan, Forrest àti Leroy Raffel, ló dá a sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ohio ní ọdún 1964. Ohun tí wọ́n mọ̀ wọ́n mọ́ jù ni ẹran màlúù sísun tí wọ́n gé pẹlẹbẹ, tí wọ́n kó sáàárín búrẹ́dì. Lógò wọn sì ni fìlà ńlá, irú èyí tí àwọn káúbọ́ì máa ń dé. Ẹni tó bá gbé lógò yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán Pharrell lálẹ́ ọjọ́ náà kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ẹ̀fẹ̀ náà fún un.

Ẹ fi eléyìí sọ́kàn: kì í ṣe Arby's ló kọ́kọ́ rí ìjọra náà. Àwọn ará ìta ni. Wọ́n ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lórí Twitter, wọ́n sì ti ń dárúkọ Arby's níbẹ̀. Josh Martin ló ń bójú tó sóṣà mídíà fún Arby's nígbà náà. Ó rí ohun tí àwọn èèyàn ń sọ, ó sì kọ gbólóhùn kan péré sí Pharrell nígbà tí ètò náà ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ohun tó kọ ni pé: Pharrell, ṣé a lè gba fìlà wa padà?

Ó parí. Kò sí àwòrán búrẹ́dì, kò dárúkọ iye owó, kò ní kí ẹnikẹ́ni wá ra nǹkan kan. Àwọn tó tún un pín lé ní 70,000.

Ẹ jẹ́ ká tú gbólóhùn yẹn wò. Ọ̀rọ̀ tó gbé gbogbo rẹ̀ dúró ni "wa". Bí Arby's bá kọ pé fìlà Pharrell jọ lógò àwọn, ohun tí gbogbo ayé ti sọ ni ì bá tún sọ, kò sì ní pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó ní "fìlà wa", ó sún ẹ̀fẹ̀ náà síwájú ní ìgbésẹ̀ kan: ó di pé Pharrell ti gbé fìlà onífìlà, onífìlà sì ti dé láti gbà á. Ohun kejì ni pé ilé-iṣẹ́ yìí kò bá oníbàárà sọ̀rọ̀ rárá. Pharrell ló bá sọ̀rọ̀, àwa tó kù kàn ń wòran ni. Ìpolówó kì í rí bẹ́ẹ̀, àwàdà láàárín ẹni méjì ló máa ń rí bẹ́ẹ̀.

Pharrell fún un lésì. Ó bi wọ́n bóyá bíìfù ni wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bíìfù tí wọ́n ti sun lórí iná. Ẹ mọ̀ pé bíìfù lórí ìgboro ni ìjà, bíìfù nínú ìkòkò sì ni ẹran màlúù, èyí tí Arby's ń tà gan-an. Bí olórin náà ṣe fi ọjà wọn tọ́ wọn lẹ́nu padà nìyẹn. Ìpolówó tó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ níbẹ̀ yẹn, wọn kò san kọ́bọ̀ lé e.

Ẹ̀fẹ̀ yìí kò tán síbẹ̀, ìdí sì nìyí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀. Pharrell gbé fìlà náà sórí eBay, ó ní kí wọ́n máa fi owó dù ú. Owó tó bá wọlé á lọ sọ́dọ̀ àjọ tó dá sílẹ̀ láti ran àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́, From One Hand to AnOTHER. Ní ọjọ́ 2, oṣù kẹta ọdún 2014, ìdíje náà parí sí dọ́là 44,100. Ta ló rà á? Arby's ni. Wọ́n ti bèèrè fìlà "wọn", ẹni tó ní in sì ti fi iye lé e. Ká ní wọ́n dákẹ́, gbogbo ayé ì bá mọ̀ pé ẹnu lásán ni. Nígbà tí wọ́n sanwó, ẹ̀fẹ̀ náà rí òpin gidi, owó náà sì dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tó nílò rẹ̀.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká kúrò lọ́dọ̀ ẹlẹ́ran ká lọ sọ́dọ̀ onípísà. DiGiorno ń ta písà dídì tí èèyàn máa ń gbé sínú ófúnù fúnra rẹ̀. Àkáǹtì wọn mọ àwàdà ṣe dáadáa. Ní ìparí ọdún 2013, nígbà tí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà ń ṣe eré "The Sound of Music" ní tààràtà, wọ́n ń fi písà dá sí eré náà láti ìran dé ìran, àwọn èèyàn sì ń rẹ́rìn-ín. Nítorí náà, ẹ má rò pé aláìmọ̀kan ló wà nídìí rẹ̀.

Ní ọjọ́ 8, oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, fídíò kan jáde níbi tí agbábọ́ọ̀lù Ray Rice ti lu àfẹ́sọ́nà rẹ̀ nínú ẹ̀rọ agbénilókè ilé ìtura. Àwọn kan ń bèèrè ìdí tí obìnrin náà fi ṣì lọ fẹ́ ẹ lẹ́yìn náà. Òǹkọ̀wé Beverly Gooden, tí òun fúnra rẹ̀ ti kúrò nílé ọkọ tó ń lù ú, bẹ̀rẹ̀ sí í fi háṣítáàgì #WhyIStayed dáhùn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "ìdí tí mo fi dúró". Kíá ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tiwọn: ẹ̀rù, ọmọ, àìlówó lọ́wọ́. Àárín ọ̀rọ̀ yìí ni DiGiorno já sí, ó lo háṣítáàgì náà, ó sì kọ ọ́ pé èèyàn dúró torí pé písà wà.

Wọ́n tètè pa á rẹ́, ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àwọn èèyàn ti ya àwòrán rẹ̀ pamọ́. DiGiorno tọrọ àforíjì, ó sì jẹ́wọ́ pé àwọn kò ka ohun tí háṣítáàgì náà dá lé lórí kí àwọn tó kọ̀wé. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn tí inú bí lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń bẹ̀ wọ́n.

Ẹ wo ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ti Arby's. Ohùn kan náà ni, ohùn ọmọ àdúgbò tó ń ṣàwàdà. Ṣùgbọ́n àwọn ará ìta ló fi ẹnu ara wọn dárúkọ Arby's, nínú ẹ̀fẹ̀. Kò sẹ́ni tó dárúkọ písà láàárín àwọn obìnrin wọ̀nyẹn. DiGiorno rí háṣítáàgì tó ń jà rànyìn, ó sì fò sínú rẹ̀. Ká ní ó ka márùn-ún péré nínú ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, ì bá ti ká ọwọ́ rẹ̀ kò.

Ìtàn kẹta ló le jù, torí pé àwọn èèyàn dárúkọ ọjà náà ní tòótọ́, ẹ̀fẹ̀ sì ni wọ́n ń ṣe. Tide Pods ni ọṣẹ ìfọṣọ olómi tí wọ́n fi ike tín-ín-rín tó ń yọ́ nínú omi wé. Ó kéré, ó ń dán, àwọ̀ rẹ̀ pọ̀, ó sì jọ súìtì. Ní ìparí ọdún 2017, míìmù gbòde pé ó dà bí ohun tó yẹ kéèyàn jẹ. Kò pẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ níwájú kámẹ́rà. Àwọn ibùdó tó ń gba ìpè nípa májèlé ní Amẹ́ríkà sọ pé ní gbogbo ọdún 2017, àwọn gba ọ̀ràn 53 nípa àwọn ọmọ ọdún 13 sí 19 tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ní ọjọ́ 15 àkọ́kọ́ ọdún 2018 nìkan, ó ti di 39.

Kí ni kí Tide sọ? Àwàdà kékeré kan ì bá rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí yóò pín in, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbìyànjú àtijẹ ẹ́ lè kà á sí ìyìn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2018, Tide gbé fídíò agbábọ́ọ̀lù Rob Gronkowski jáde. Wọ́n bi í bóyá ó yẹ kéèyàn jẹ ẹ́, ó sì ń tún un sọ lemọ́lemọ́ pé rárá. Ọ̀rọ̀ tó wà lókè rẹ̀ ní aṣọ fífọ̀ nìkan ni ọjà náà wà fún. Fídíò náà ṣì pani lẹ́rìn-ín díẹ̀, ohùn Tide ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀ tí èèyàn lè túmọ̀ sí "ẹ máa jẹ ẹ́".

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń bá ọ̀gá yín bójú tó pééjì, bí míìmù bá gbé orúkọ ọjà yín, ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó dárúkọ yín àti ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ara yín pé: bí ẹnìkan bá gba èsì wa gbọ́ pátápátá, kí ló máa lọ ṣe? Ti Arby's, ó máa retí pé kí wọ́n wá gba fìlà wọn, wọ́n sì ní dọ́là 44,100 tí wọ́n fi gbà á. Ti ọṣẹ, ilé ìwòsàn ni ì bá bá ara rẹ̀.