Bí oníṣòwò ṣe ń gba owó bíìlì ní báńkì kí ọjọ́ tó pé

Ká ní oníṣòwò èkùrọ́ kan ní Ìlárá Rẹ́mọ kó ọjà mílíọ̀nù 10 náírà fún ilé-iṣẹ́ tó ń fún òróró ní Ṣàgámù. Ilé-iṣẹ́ náà ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ (90) lòun máa fi sanwó. Bẹ́ẹ̀, àwọn tí oníṣòwò yìí ra èkùrọ́ lọ́wọ́ wọn kò lè dúró tó bẹ́ẹ̀. Ibí yìí ni bíìlì ti wúlò.

Oníṣòwò náà á kọ ìwé sí ilé-iṣẹ́ pé kó san mílíọ̀nù 10 náírà ní 90 ọjọ́ sí ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Ilé-iṣẹ́ á kọ ọ́ sójú ìwé náà pé òun gbà, á sì buwọ́ lù ú. Látìgbà náà, gbèsè yẹn ti di ohun tí wọ́n lè gbé lọ sí báńkì.

Lẹ́yìn 30 ọjọ́, oníṣòwò buwọ́ lu ẹ̀yìn bíìlì, ó sì gbé e fún báńkì. 60 ọjọ́ ló kù. Òfin bíìlì ilẹ̀ wa tún fi ọjọ́ mẹ́ta kún un, àfi tí wọ́n bá kọ ọ́ sínú bíìlì pé kò sí ọjọ́ àfikún. Ó wá di 63. Bí báńkì bá ń gba náírà 24 lórí 100 lọ́dún, ìṣirò rẹ̀ nìyí:

10,000,000 × 24 ÷ 100 × 63 ÷ 365 = ₦414,247

Báńkì á yọ iye yìí, á sì san ₦9,585,753 fún un, kó tó yọ owó iṣẹ́ tirẹ̀. Kí oníṣòwò kíyè sí i pé orí mílíọ̀nù 10 ni báńkì ti ṣírò èlé, kì í ṣe orí owó tó kó lé e lọ́wọ́. Nítorí náà, èlé tó san gan-an lé díẹ̀ ní 25 lórí 100 lọ́dún.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé gbígba owó yìí kò tíì parí ọ̀rọ̀. Tí ọjọ́ bá pé tí ilé-iṣẹ́ kò sanwó, báńkì lè padà sọ́dọ̀ oníṣòwò, nítorí ó ti buwọ́ lu ẹ̀yìn ìwé. Àmọ́ báńkì gbọ́dọ̀ tètè fi tó o létí pé wọn kò san án. Tí àwọn méjèèjì bá wà nílùú kan náà, ìròyìn yẹn gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ó pẹ́ jù lọ́jọ́ kejì. Tí báńkì bá fi falẹ̀ láìnídìí, ọrùn oníṣòwò lè bọ́ nínú gbèsè náà.

Ìdí nìyẹn tí báńkì fi ń kọ́kọ́ wo ẹni tó gbà láti sanwó. Ní 1962, irú bíìlì ọlọ́jọ́ 90 bẹ́ẹ̀ ni àwọn Máákẹ́tìn Bọ́ọ̀dù fi ń wá owó ra ohun ọ̀gbìn. Àwọn báńkì ń gbà á, torí wọ́n mọ̀ pé Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà náà á gbà á lọ́wọ́ wọn.