Láti "Àti" sí "Tàbí": Ìtàn Ìwé Òfin Kọtidifúà fún Ọmọ Ẹgbẹ́ Ìlú ní Abobo Gare



Rélùwéè ló sọ Abobo Gare lórúkọ. Ibi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń dúró kó èrò ni àwọn Faransé ń pè ní "gare", orúkọ náà sì mọ́ àdúgbò lára. Ọdún 1904 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ojú irin náà láti Abidjan. Ó dọdún 1954 kó tó dé Ouagadougou. Ní gbogbo àkókò yẹn ni àwọn bàbá àti ìyá wa láti Èjìgbò àti àwọn ìlú mìíràn nílẹ̀ Yorùbá ń rọ́ wá sí Kọtidifúà, tí àwọn onílẹ̀ ń pè wọ́n ní Ànàgó. Àwọn tó kọ́kọ́ dé kò ka ìwé òfin kankan kí wọ́n tó tẹ́ ọjà sílẹ̀. Lónìí, ẹni tí kò bá mọ ohun tó wà nínú ìwé òfin ilẹ̀ tó ń gbé lè pàdánù ilé tó kọ́ àti ipò tó yẹ ọmọ rẹ̀.

Ọjọ́ 8 Nòfẹ́ńbà 2016 ni ìwé òfin Kọtidifúà tó wà lóde yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọdún mẹ́wàá rẹ̀ yóò pé lọ́jọ́ 8 Nòfẹ́ńbà 2026. Abala 184 ló wà nínú rẹ̀, èdè Faransé sì ni wọ́n fi kọ ọ́. A kò ní ka gbogbo rẹ̀ níbí. Ìtàn bó ṣe dé ibi tó dé la fẹ́ sọ, àti àwọn abala tó kan ilé wa.

Ìwé àkọ́kọ́

Kọtidifúà gba òmìnira lọ́jọ́ 7 Ọ̀gọ́sìtì 1960. Ní ọjọ́ 3 Nòfẹ́ńbà ọdún kan náà, ìwé òfin rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde lábẹ́ Félix Houphouët-Boigny. Àwọn àgbà wa tó wà níbẹ̀ láyé náà mọ̀ pé ẹni tó wá láti ilẹ̀ Áfíríkà mìíràn a máa dìbò. Títí kan ìbò ọdún 1990, orúkọ àwọn àjèjì ṣì wà lórí ìwé ìdìbò. Òfin ìdìbò tuntun tó jáde ní Disẹ́ńbà 1994 ló ti ilẹ̀kùn yẹn pa. Láàrin ìgbà náà ni káàdì ìgbélùú tí wọ́n ń pè ní "kátì séjúù" wọlé, ó sì di ọdún 2007 kí wọ́n tó gbé e kúrò lọ́rùn àwa ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS.

Ẹ kíyèsí i pé kì í ṣe ìwé òfin ńlá ló yí padà nígbà tí a kò dìbò mọ́. Òfin kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni. Ẹni tó bá ka ìwé ńlá nìkan yóò rò pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tó dá ìjà sílẹ̀

Ní Kérésìmesì ọdún 1999, ọ̀gágun Robert Guéï gba ìjọba. Wọ́n yan àwọn tí yóò kọ ìwé òfin tuntun. Ibi tí iná ti ràn ni abala 35, èyí tó sọ irú ẹni tó lè du ipò ààrẹ. Àríyànjiyàn náà dá lórí ọ̀rọ̀ kan péré: ṣé kí ìwé wí pé ọmọ bàbá TÀBÍ ìyá tó jẹ́ ọmọ bíbí Kọtidifúà ni, àbí ọmọ bàbá ÀTI ìyá? Nígbà tí ìwé dé iwájú ará ìlú fún ìbò ní ọjọ́ 23 àti 24 Júláì 2000, "àti" ló wà nínú rẹ̀. Ará ìlú gbà á, ó sì di òfin lọ́jọ́ 1 Ọ̀gọ́sìtì.

Ní Ọ̀kítóbà ọdún náà, ilé ẹjọ́ tó ga jù yọ orúkọ Alassane Ouattara kúrò nínú ìdíje lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Ọjọ́ 19 Sẹ̀tẹ́ńbà 2002 ni ogun bẹ́. Ohun púpọ̀ ló dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà pé ta ni ọmọ onílẹ̀ gan-an wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìjà tó tún bẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà wa. Lọ́jọ́ 17 Màáṣì 2011, lẹ́yìn ìbò tí wọ́n jà lé lórí, àgbá ogun bọ́ sórí ọjà Siaka Koné ní Abobo, ó sì pa àwọn tó ń tajà àti àwọn tó ń rà.

Àtúnkọ ọdún 2016

Ìbò ará ìlú tún wáyé lọ́jọ́ 30 Ọ̀kítóbà 2016. Nínú ìwé tuntun, abala 55 ló gba iṣẹ́ abala 35 àtijọ́. Wọ́n yọ "àti", wọ́n fi "tàbí" sípò rẹ̀. Ẹni tó bá ti pé ọdún 35 lè díje, wọ́n sì yọ òté ọdún 75 tó wà nínú ìwé 2000 kúrò. Wọ́n dá ipò igbákejì ààrẹ sílẹ̀, wọ́n dá ilé aṣòfin kejì sílẹ̀, wọ́n sì fi ìgbìmọ̀ àwọn ọba àti olóyè ìbílẹ̀ sínú ìwé òfin.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé kan ṣe àpẹẹrẹ kí ọ̀rọ̀ yìí lè yéni. Ká ní bàbá àti ìyá kan kúrò ní Èjìgbò lọ́dún 1965, wọ́n bí ẹ̀gbọ́n sí Abobo lọ́dún 1970, wọ́n bí àbúrò síbẹ̀ náà lọ́dún 1975. Ilé kan náà, ilé ẹ̀kọ́ kan náà. Ní ọjọ́ 13 Sẹ̀tẹ́ńbà 2013, ìjọba ṣe òfin àkànṣe kan tó ní kí àwọn ẹ̀ka èèyàn kan wá sọ pé àwọn fẹ́ jẹ́ ọmọ Kọtidifúà. Ọ̀kan nínú wọn ni àwọn tí òbí àjèjì bí sí ilẹ̀ náà láàrin ọjọ́ 20 Disẹ́ńbà 1961 àti ọjọ́ 25 Jánúárì 1973. Ẹ̀gbọ́n bọ́ sínú rẹ̀. Àbúrò kò bọ́ sí i. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn òbí wọn ti ń gbé níbẹ̀ láìkúrò ṣáájú 7 Ọ̀gọ́sìtì 1960 ni, àbúrò ì bá wọlé nítorí tiwọn. Ọdún 1965 ni wọ́n dé, nítorí náà ó ku kí àbúrò gba ọ̀nà mìíràn: kó tọrọ jíjẹ́ ọmọ ilẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba, tàbí, bí ó bá fẹ́ ọmọbìnrin Kọtidifúà, kó gba ọ̀nà ìgbéyàwó, èyí tí òfin kejì tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ kan náà ṣí sílẹ̀ fún ọkọ. Òfin àkànṣe náà kò wà títí. Jánúárì 2016 ni àyè àtisọ náà parí.

Ká ní ẹ̀gbọ́n gba ìwé tirẹ̀ lọ́dún 2015, ó sì bí ọmọkùnrin kan lọ́dún 2018. Ọmọ bíbí Kọtidifúà ni ìyá ọmọ náà. Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ náà lójú òfin, nítorí ó di ọmọ ilẹ̀ lẹ́yìn ìbí. Lábẹ́ "àti" ti ọdún 2000, ọmọ yìí kò lè du ipò ààrẹ láé, nítorí bàbá rẹ̀. Lábẹ́ "tàbí" ti 2016, ìyá rẹ̀ nìkan tó.

Ó ku ohun kan. Abala 55 kan náà sọ pé olùdíje kò gbọdọ̀ ní ju Kọtidifúà lọ gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ìwé òfin Nàìjíríà, ní abala 25, sì wí pé ọmọ tí ọmọ Nàìjíríà bá bí sí òkèèrè, ọmọ Nàìjíríà ni láti ọjọ́ tó dáyé. Ọmọ wa nìyí pẹ̀lú orílẹ̀-èdè méjì tí kò tọrọ ìkankan nínú wọn. Bó bá dàgbà tó fẹ́ díje, yóò ní láti kọ ti Nàìjíríà sílẹ̀ níwájú ìjọba Nàìjíríà, gẹ́gẹ́ bí abala 29 ṣe là á sílẹ̀. Ẹ má fi èyí wé ọ̀rọ̀ Tidjane Thiam, tí ilé ẹjọ́ Abidjan yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lórí ìwé ìdìbò ní Épírì 2025. Èyí tí wọ́n kà sí i lọ́rùn ni pé ó fọwọ́ ara rẹ̀ gba ìwé Faransé lọ́dún 1987, òfin ilẹ̀ náà sì sọ pé ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti sọ ti Kọtidifúà nù. Ohun tí a bí mọ́ni yàtọ̀ sí ohun tí a lọ fọwọ́ ara ẹni mú.

Àtúnṣe ọdún 2020

Ní Màáṣì 2020, àwọn aṣòfin ilé méjèèjì péjọ sí Yamoussoukro, wọ́n sì tún ìwé náà ṣe láìpe ará ìlú síbi ìbò. Ìwé fúnra rẹ̀ fàyè gba èyí bí ààrẹ bá gbé e wá bẹ́ẹ̀ tí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin sì fọwọ́ sí i. Àtúnṣe tó tóbi jù kan igbákejì ààrẹ. Ìwé 2016 ní kí òun àti ààrẹ jọ wọlé ìbò. Láti 2020, ààrẹ ló ń yàn án, ilé aṣòfin ló ń fọwọ́ sí i. Òun náà ni yóò gbapò bí ààrẹ bá kú tàbí tó fiṣẹ́ sílẹ̀.

Kò pẹ́ tí ìdánwò fi dé. Ní Júláì 2020, olóòtú ìjọba, Amadou Gon Coulibaly, kú. Lóṣù kan náà ni a gbọ́ pé Daniel Kablan Duncan, igbákejì ààrẹ, ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Àga igbákejì ṣófo títí di Épírì 2022, nígbà tí wọ́n yan Tiémoko Meyliet Koné.

Ohun tó jẹ́ ti gbogbo wa

Ẹni tí kì í ṣe ọmọ Kọtidifúà náà ní ìpín nínú ìwé yìí. Abala 20 ló dáàbò bo ẹgbẹ́ bíi tiwa. Abala 10 sọ ilé ìwé di dandan fún ọmọ lọ́kùnrin lóbìnrin. Abala 11 wí pé ohun ìní gbogbo èèyàn ní ààbò. Ibi tí owó ọ̀pọ̀ ti wọmi ni abala 12: ìjọba àti ọmọ Kọtidifúà nìkan ló lè ní ilẹ̀ oko. Àjèjì lè yá a fún ọdún púpọ̀, kò lè rà á di tirẹ̀.

Inú ìlú yàtọ̀. Àjèjì lè ní ilẹ̀ ìgboro, ìwé tó sì fi múlẹ̀ ni ACD tí ìjọba ń fọwọ́ sí. Ìṣòro wà lápá òkè, bí èèyàn bá kọjá Abobo lọ sí Anyama. Ilẹ̀ tí wọ́n ń tà níbẹ̀ lónìí lè ṣì jẹ́ ilẹ̀ oko lójú òfin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òpó iná ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ohun tí olùtà ní kò bá ju ìwé olórí abúlé lọ, tí kò sì sí àwòrán ìpínlẹ̀ tí ìjọba fọwọ́ sí, ẹ má tíì kó owó sílẹ̀.

Nípa ọ̀rọ̀ ọmọ ilẹ̀, ẹ padà lọ wo àpótí àwọn àgbà. Ìwé ìbí tí wọ́n gbà pẹ́ lẹ́yìn ìbí, tí adájọ́ fi ojú díwọ̀n ọdún sí, ń bẹ nínú ilé ọ̀pọ̀. Ẹni tí a bí ní Disẹ́ńbà 1972 tí ìwé rẹ̀ sì sọ pé Màáṣì 1973, òfin 2013 kò rí i. Ẹni tó bá sì ti ṣe ìkéde tirẹ̀ kí ọ̀nà tó tì, ẹ bá a wá ìwé ẹ̀rí rẹ̀ jáde nísinsìnyí, kí ọmọ rẹ̀ má baà fi ẹnu lásán jẹ́rìí lọ́jọ́ tí wọ́n bá béèrè.