Ẹ̀sìn Nínú Ìgbé-ayé Ojoojúmọ́

Ìwádìí nípa ẹ̀sìn nínú ìgbé-ayé ojoojúmọ́ kì í bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé òfin ìjọ, bí kò ṣe láti ibi tí àwọn ènìyàn ti ń gbàdúrà gan-an: inú ilé, ojú títì, ìdí ọjà. Ìwé tí Robert Orsi tẹ̀ jáde ní 1985, lórí àwọn ará Ítálì tó ṣí wá sí Hálẹ́ẹ̀mù ní Niu Yọ́ọ̀kì, ni àpẹẹrẹ tó dára jù. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ 16 oṣù Keje, wọn a gbé ère Màríà Wúńdíá kiri àdúgbò, àwọn mìíràn a sì fẹsẹ̀ lásán tẹ̀ lé e. Àwọn òǹtajà a máa ta ẹ̀yà ara tí wọ́n fi ìda mọ: ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn a ra ẹsẹ̀, a gbé e lọ fún Màríà. Inú àwọn aláṣẹ ìjọ kan kò dùn sí i, ṣùgbọ́n Orsi kò pè é ní ìgbàgbọ́ asán, ó sì tọ̀nà. Ó rí i pé agbo ilé gan-an ni ọkàn ẹ̀sìn wọn, àti pé àwọn obìnrin tí ẹrù ilé wà lọ́rùn wọn ni ọ̀rọ̀ Màríà ká lára jù. Àmọ́ olùwádìí tó bá gba ọ̀nà yìí lè gbójú fo agbára ìjọ: inú ṣọ́ọ̀ṣì ni ère náà ń gbé.