Pípín Ìṣẹ́jú 80 fún Iṣẹ́ Àyẹ̀wò Sítáàṣì Inú Ewé

A kọ àlàyé yìí fún àwọn olùkọ́ bàọ́lọ́jì àti àwọn olùrànlọ́wọ́ láàbù, àti fún àwọn òbí tí ó ń ṣe ní kàyéfì pé ọmọ wọn a máa gbé iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì tí kò parí wá sílé. Níbi tí pírẹ́ọ̀dù kan bá jẹ́ ìṣẹ́jú 40, méjì tí a so pọ̀ yóò jẹ́ ìṣẹ́jú 80. Ó pọ̀ létí, ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń bọ̀ láti kíláàsì mìíràn nígbà tí aago bá lù, ìṣẹ́jú 5 àkọ́kọ́ sì ti lọ kí wọ́n tó jókòó. Apá tí ó sábà máa ń fara gbá àdánù náà ni ìjíròrò ìkẹyìn, nítorí pé òun ni ó wà níparí. Bẹ́ẹ̀ sì ni ibẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń mọ ohun tí ewé tí ó sè fi hàn án.

Nítorí náà, ẹ̀yìn ni a ti ń ka àkókò bọ̀ wá síwájú. Ẹ jẹ́ kí a mú kíláàsì ọmọ 40, tí a pín sí ẹgbẹ́ 8, tí iṣẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ ní aago 11:20 tí yóò sì parí ní aago 12:40. Ìjíròrò gba ìṣẹ́jú 20, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní aago 12:20. Ìfọṣọ́wọ́ àti ìkóhun-èlò-padà gba ìṣẹ́jú 10, nítorí náà àyẹ̀wò àti àwòrán rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti parí ní aago 12:10. Ohun tí ó kù fún ìtọ́sọ́nà àti àyẹ̀wò gan-an jẹ́ ìṣẹ́jú 50, a ó sì yọ ìṣẹ́jú 5 ti ìwọlé kúrò nínú rẹ̀.

Ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣe kí ọjọ́ náà tó pé

Ewé tí a ó lò kò lè wá láti ẹ̀bá ọ̀nà ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. A ó kọ́kọ́ gbé igi hìbísíkọ́ọ̀sì tí ó wà nínú ìkòkò sínú kọ́bọ́ọ̀dù tí ó ṣókùnkùn fún wákàtí 48, kí sítáàṣì tí ó ti wà nínú ewé rẹ̀ lè tán. Bí iṣẹ́ bá bọ́ sí ọjọ́ Ọjọ́rú, a jẹ́ pé òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ni a ó gbé e wọlé. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, a ó fi bébà fóìlì bo agbede-méjì ewé kọ̀ọ̀kan ní òkè àti nísàlẹ̀, a ó sì gbé igi náà síta sínú oòrùn títí di àkókò iṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé aago 8 òwúrọ̀ ni pírẹ́ọ̀dù náà bọ́ sí, oòrùn kò tíì ráyè ṣiṣẹ́. Nígbà náà, ọjọ́ Sátidé ni igi yóò ti wọnú òkùnkùn, ọjọ́ Ajé ni a ó bo ewé rẹ̀ tí a ó sì gbé e síta. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni a ó já ewé náà, a ó sè é díẹ̀ nínú omi gbígbóná lójú ẹsẹ̀ kí ohunkóhun má bàa yí padà nínú rẹ̀ mọ́.

Ohun kejì ni omi gbígbóná. Sítóòfù kan ṣoṣo fún ẹgbẹ́ 8 ni ó ń jẹ ìṣẹ́jú jù lọ. Ọ̀nà tí a fẹ́ràn ni pé kí olùrànlọ́wọ́ láàbù ti se omi kí aago tó lù, kí ó sì kó o sínú fúláàsì bíi mẹ́rin. Fúláàsì tí a fi ń gbé omi tíì dára púpọ̀ fún un.

Nígbà tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀

Láti aago 11:25 ni olùkọ́ yóò fi ìṣẹ́jú 10 ṣàlàyé iṣẹ́, tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò sì gba ewé rẹ̀, tí wọn yóò yọ fóìlì kúrò lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ sàmì sí ibi tí ó bò. Gbogbo ewé 8 ni a ó sè papọ̀ nínú ìkòkò kan fún ìṣẹ́jú 2. Ewé tí ó bá rọ̀ ti ṣetán.

Lẹ́yìn èyí, kí a tó ṣí ìgò ẹtanọ́ọ̀lù, a ó pa gbogbo iná tí ó wà nínú yàrá náà. Ẹtanọ́ọ̀lù a máa gbiná lójú ẹsẹ̀, kò sì sí ìdí tí a fi nílò iná, nítorí pé ìwọ̀n 78 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì ni ó ti ń hó, omi inú fúláàsì sì gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò fi ewé sínú tẹ́ẹ̀sì túùbù tí ẹtanọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀, wọn yóò sì gbé e sínú bíkà omi gbígbóná. Kí èyí ti ṣẹlẹ̀ ní aago 11:45. Yóò gba ìṣẹ́jú 10 sí 12 kí àwọ̀ ewé tó jáde, nígbà tí ewé funfun bí ìwé tí ẹtanọ́ọ̀lù sì di aláwọ̀ ewé. Bí híhó bá dáwọ́ dúró, omi ti tutù: ẹ dà á nù, kí ẹ bu òmíràn.

Ìṣẹ́jú 12 yìí ni olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ máa ń lò dáradára. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe jókòó lásán. Kí wọ́n fa tábìlì àbájáde, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rò pé yóò ṣẹlẹ̀ sí apá tí fóìlì bò, kí ẹni kan nínú ẹgbẹ́ sì ti fọ ìkòkò àti ẹ̀mú tí a kò nílò mọ́.

Ewé tí ó bá jáde nínú ẹtanọ́ọ̀lù a máa le, a sì máa já. A ó rì í sínú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú kan kí ó tún rọ̀, a ó tẹ́ ẹ sórí táìlì funfun, a ó sì kán áyódíìnì sí i. Láàárín ìṣẹ́jú 2, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti dé yóò di búlúù tí ó ṣókùnkùn dé dúdú. Ibi tí fóìlì bò yóò gba àwọ̀ pupa rúsúrúsú áyódíìnì fúnra rẹ̀. Bí a bá kánjú gbé ewé jáde nígbà tí ó ṣì ní àwọ̀ ewé, gbogbo rẹ̀ ni yóò dà bíi pé ó dúdú, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì kọ irọ́ sínú ìwé láìmọ̀. Bí gbogbo ewé bá dúdú lóòótọ́, kódà lábẹ́ fóìlì, ẹ̀bi kò sí ní ọjọ́ yẹn: igi kò pẹ́ tó nínú òkùnkùn ni, tàbí fóìlì kò bo ewé dáadáa.

Bí ewé kò bá tíì wọ ẹtanọ́ọ̀lù ní aago 11:55, ìmọ̀ràn wa ni pé kí olùkọ́ dá iṣẹ́ náà dúró, kí ó sì lo ewé àfipamọ́. Ewé yìí ni ewé kan tí ó ti ṣe ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, tí ó ti bò, tí ó sì ti fi ẹtanọ́ọ̀lù yọ àwọ̀ rẹ̀, tí ó kù fún kíkán áyódíìnì nìkan. Ó sàn kí kíláàsì wo ewé kan dáadáa ju kí ẹgbẹ́ 8 sáré parí.

Ní aago 12:10, ẹ kó ẹtanọ́ọ̀lù padà sínú ìgò tí a ti kọ orúkọ rẹ̀ sí, kí a sì fọ ohun-èlò, ṣùgbọ́n ẹ fi táìlì pẹ̀lú ewé sílẹ̀ lórí tábìlì títí ìjíròrò yóò fi parí. Nínú ìṣẹ́jú 20 yẹn, akẹ́kọ̀ọ́ kan lè béèrè pé, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé fóìlì kò dí ọ̀nà afẹ́fẹ́ náà ni?” Ìbéèrè tó tọ́ ni. Fóìlì dí ìmọ́lẹ̀, ó sì dí afẹ́fẹ́, ewé kan ṣoṣo yìí kò sì lè sọ èyí tí ó fà á nínú méjèèjì. Kí olùkọ́ bi kíláàsì pé kí ni wọn yóò ṣe. Bí wọ́n bá dábàá ewé kejì tí a fi náílọ́ọ̀nù tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá dì bákan náà, kí ó kọ ọ́ sí pátákó, kí ó sì fi ọjọ́ Ajé tí ń bọ̀ sí i fún gbígbé igi wọnú kọ́bọ́ọ̀dù.