Ìjà Idà Tí Ẹnu Ń Jà

Tí o bá fẹ́ràn géèmù tó ní ìtàn, àmọ́ tí ọwọ́ ẹ ò yá, tí aago sì máa ń dà ẹ́ láàmú, jẹ́ ká padà sí ọdún 1990.

Ọdún yẹn ni iléeṣẹ́ Sierra ní Amẹ́ríkà gbé King's Quest V jáde. Kò sí ìbọn níbẹ̀. O kàn máa tọ́ka sí nǹkan lójú kọ̀ǹpútà ni. Síbẹ̀, ibì kan wà tí ológbò ti ń lé eku kọjá. O gbọ́dọ̀ tètè sọ bàtà lu ológbò yẹn. Tí o bá pẹ́, eku kú nìyẹn, géèmù ò sì ní sọ nǹkan kan fún ẹ. Nígbà tó bá yá, wọ́n á dè ẹ́ lókùn sínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ kan. Eku yẹn gan-an ló yẹ kó wá gé okùn náà jẹ. Kò sí eku mọ́, o kú. Ìkà gbáà!

Ron Gilbert, tó ń ṣe géèmù ní Lucasfilm Games, ti kọ àròkọ ní 1989 lòdì sí irú nǹkan báyìí. Lójú tiẹ̀, kò yẹ kó jẹ́ pé ó dìgbà téèyàn bá kú kó tó mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Ní 1990 kan náà, òun, Tim Schafer àti Dave Grossman ṣe The Secret of Monkey Island, ìtàn Guybrush Threepwood, ọ̀dọ́kùnrin tó fẹ́ di ajalèlókun.

Ajalèlókun sì gbọ́dọ̀ mọ idà jà. Gilbert wo àwọn fíìmù ajalèlókun àtijọ́, ó rí i pé bí wọ́n ṣe ń ju idà ni wọ́n ń fi ẹnu gún ara wọn. Ó wá sọ ìjà di èébú.

Bó ṣe rí nìyí. Ajalèlókun kan á bú ẹ, àwọn ìdáhùn á tò sísàlẹ̀, o ó mú ọ̀kan. Kò sí aago. Tó bá ní ò ń jà bí ẹni tó ń fún wàrà màlúù, ìdáhùn tó bá a mu ni pé òun náà ń jà bíi màlúù. Níbẹ̀rẹ̀, díẹ̀ lo mọ̀, wọ́n á nà ẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n èébú tí wọ́n fi nà ẹ́ ti di tìẹ. Lọ fi bú ẹlòmíì lójú ọ̀nà. Tó bá mọ èsì rẹ̀, ìwọ náà ti gbọ́ ọ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà lo máa kojú Carla, ọ̀gá àwọn oníidà. Èébú tiẹ̀ yàtọ̀, o ò gbọ́ ọ̀kankan rí. Àwọn ìdáhùn tó o ti kó jọ náà ló máa bá a mu, tó o bá ronú. Ibí ni mo fẹ́ràn jù, torí ẹni tó kàn há a sórí máa kọsẹ̀. Tí o bá rí i pé kò sí èyí tó bá a mu lọ́wọ́ ẹ, o ti tètè dé jù. Padà sójú ọ̀nà.

Aago kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, yẹ̀yẹ́ sì ni. Guybrush máa ń fọ́nnu pé òun lè sé èémí fún ìṣẹ́jú 10. Níbì kan, wọ́n so ó mọ́ ère, wọ́n jù ú sómi. Nǹkan mímú pọ̀ káàkiri tí ọwọ́ ẹ̀ ò tó. Kó kàn gbé ère náà, kó máa rìn jáde ni. Àmọ́ tí o bá jókòó wò ó fún ìṣẹ́jú 10 gbáko, ó máa kú lóòótọ́.