Ìwọ̀n Kékeré: Kékeré fún Kí Ni?

Ẹni tó ń gbé Ìjẹ̀gùn tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó ní láti jí ní òru kó tó lè ré kọjá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìkòtún. Bí ariwo jẹnẹrétọ̀ kò bá wá jẹ́ kó sùn tẹ́lẹ̀, ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì ni yóò gbà lọ, ohun tí yóò sì béèrè kò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ: oògùn oorun. Ọ̀rọ̀ méjì yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, nítorí oògùn kan wà tí àwọn dókítà káàkiri ayé ń kọ fún àìróorunsùn, tó jẹ́ pé bí a bá pè é ní oògùn oorun lásán, a ti fi ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀ pamọ́ fún ẹni tó ń gbé e mì.

Kuetiapíìnì ni orúkọ oògùn náà. Lọ́dún 1997 ni wọ́n fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà fún àwọn tí àrùn ọpọlọ ń jẹ́ kí wọ́n máa gbọ́ ohùn tí ẹnikẹ́ni kò fọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi àìsàn tó ń gbé inú ènìyàn sókè sódò kún un. Àìróorunsùn lásán kò sí nínú ohun tí wọ́n fọwọ́ sí. Ṣùgbọ́n oògùn náà máa ń kunni lóorun, ohun tó sì gbé e dé orí ibùsùn ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ dá ṣáṣá nìyẹn.

Báwo ni ká ṣe wá pe irú oògùn bẹ́ẹ̀? Èyí tó yá lẹ́nu ará àdúgbò ni oògùn wèrè. N kò fara mọ́ ọn. Ó ń dójú ti aláìsàn tó nílò rẹ̀ ní tòótọ́, ẹlòmíràn yóò sì sọ ọ́ nù kí aládùúgbò má baà rí páálí rẹ̀. Àwọn oníṣègùn wa kò ní irú ìṣòro yìí pẹ̀lú asofẹ́yẹjẹ. Gbòǹgbò rẹ̀ ni wọ́n fi ń tọ́jú alárùn ọpọlọ láti ìgbà pípẹ́, ó ń mú ara rọ̀, ó sì ń múni sùn. Orúkọ igi náà kò dárúkọ àrùn kankan. Èmi yóò tẹ̀ lé ọ̀nà yẹn: oògùn ìpẹ̀rọ̀ ọpọlọ ni n óò pe ìdílé àwọn oògùn wọ̀nyí, n óò sì dárúkọ kuetiapíìnì gan-an níbikíbi tí mo bá ti lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó le jù ni ìwọ̀n kékeré. Ẹni tó ń fi oògùn yìí tọ́jú àrùn ọpọlọ sábà máa ń lo mílígíráàmù 300 sí 800 lóòjọ́. Èyí tí wọ́n ń fún ẹni tí kò rí oorun sùn kì í sábà ju 25 sí 100 lọ. Bí a bá kọ ìwọ̀n kékeré sílẹ̀ tí a sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tí òǹkàwé yóò gbọ́ ni pé kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Kékeré fún kí ni? Láti pa ohùn tí kò sí lẹ́nu mọ́, oògùn náà ní láti dènà dopamíìnì nínú ọpọlọ, mílígíráàmù 25 kò sì tó iṣẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n kó tó kan dopamíìnì rárá ló ti dí ojú ọ̀nà mọ́ hisitamíìnì, èyí tó ń jẹ́ kí ojú ènìyàn dá. Níbẹ̀ ni oorun ti ń wá. Hisitamíìnì yìí kan náà ló wà lára ohun tó ń sọ fún ọpọlọ pé a ti yó. Ìwọ̀n tó tó láti mú oorun wá tó láti mú ebi wá pẹ̀lú. Nítorí náà, ohun tí n óò kọ ni: ìwọ̀n tí kò tó fún àrùn ọpọlọ, ṣùgbọ́n tó tó fún oorun àti ebi. Ó gùn, ṣùgbọ́n kò tan ẹnikẹ́ni.

Ibi tí ewu náà wà gan-an ni ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní mẹtabólíìsìmù. Mo ti rí i tí àwọn kan pè é ní dídà oúnjẹ, ẹni tó bá sì gbọ́ ọ yóò rò pé inú rírun ni. Ara ń ṣe oúnjẹ bí oníṣòwò ti ń ṣe owó: ó ń ná lára rẹ̀, ó sì ń fi ìyókù pamọ́. Ìnáoúnjẹ ara ni n óò pè é. Nígbà tí ó bá dàrú, ìfipamọ́ pọ̀ ju ìnáwó lọ: ikùn ń yọ, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ń pọ̀, ínsúlíìnì kò ríṣẹ́ ṣe dáadáa mọ́, ṣúgà sì ń gòkè títí yóò fi di àtọ̀gbẹ.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ, ẹni ọdún 45 tó ń tajà lọ́jà Ìkòtún tó sì ń sùn sí Ìjẹ̀gùn. Ó wọn kílò 70 nígbà tó bẹ̀rẹ̀ mílígíráàmù 25. Ní oṣù kejì, oorun náà kò lágbára mọ́, ó sọ ọ́ di 50, lẹ́yìn náà 100. Ó ń jí lóru láti jẹ ẹ̀bà tó kù. Láàárọ̀, bó bá dìde lójijì, òòyì ń kọ́ ọ, torí oògùn yìí ń fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá nàró. Ó rò pé àárẹ̀ ọjà ni. Ní ọ̀sẹ̀ kejìlá, ó ti wọn kílò 75. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kó tó fẹnu kan nǹkan, tó jẹ́ 92 tẹ́lẹ̀, ti di 112. Láti 100 lọ sókè, ọ̀ràn ti ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá dé 126, tí àyẹ̀wò kejì sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, àtọ̀gbẹ ni. Kò sí ìrora kankan nínú gbogbo èyí. Àfi òṣùwọ̀n, téèpù télọ̀ àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló lè fi í hàn.

Àwọn ẹgbẹ́ dókítà àtọ̀gbẹ àti ti ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fẹnu kò lọ́dún 2004 lórí ohun tó yẹ ká máa wọ̀n fún ẹni tó bá ń lo irú oògùn yìí: ìwúwo, ìbú ikùn, ìfúnpá, ṣúgà àti ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ìwúwo lẹ́ẹ̀kan sí i ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, kẹjọ àti kejìlá, ìfúnpá, ṣúgà àti ọ̀rá ní ọ̀sẹ̀ kejìlá. Bí ìwúwo bá fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, kí wọ́n ronú ìyípadà oògùn. Fún ìyá wa, kílò mẹ́ta àbọ̀ péré nìyẹn, ó sì ti kọjá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wọ̀n ọ́n, nígbà tó jẹ́ pé oògùn oorun ni gbogbo ilé mọ̀ ọ́n sí? Orúkọ yẹn ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rántí òṣùwọ̀n.

Lọ́dún 2013, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà kan náà sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fi irú oògùn yìí ṣe àkọ́kọ́ fún àgbàlagbà tí kò rí oorun sùn. Lọ́dún 2022, ìwádìí kan láti orílẹ̀-èdè Dẹ́ńmáàkì fi hàn pé àìsàn ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ tó le ṣe àwọn tó lo ìwọ̀n kékeré yìí púpọ̀ ju àwọn tó lo oògùn oorun mìíràn lọ.

Ó ku bí a ṣe máa pe lílo oògùn fún ohun tí wọn kò fọwọ́ sí i fún. Ìlò àìbófinmu ni àwọn kan máa ń yára kọ, irọ́ ni: dókítà lè kọ oògùn fún ohun tí kò sí nínú ìwé rẹ̀, nígbà mìíràn ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ìlò ìta-ìwé ni mo yàn, torí pé ìwé pélébé inú páálí ni gbogbo wa mọ̀. Bí mo bá sì ń kọ ìwé ìtọ́ni fún ìyá Ìjẹ̀gùn yẹn, ohun tí n óò kọ sábẹ́ ìlò ìta-ìwé nìyí: kuetiapíìnì yìí kò ní àṣẹ fún àìróorunsùn, ẹ wọn ara yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má fi kún un fúnra yín, ẹ má sì dá a dúró lójijì, nítorí oorun lè sá pátápátá, dókítà ni yóò máa bá yín dín in kù díẹ̀díẹ̀.