Káàdì Olóúnjẹ: Bí Àyẹ̀wò Alásè Ṣe Dé Abúlé Ẹ̀gbá, àti Ohun tí Wòlé-wòlé Ń Wá

Nínú àwọn ìwé tí wòlé-wòlé máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta oúnjẹ ní Abúlé Ẹ̀gbá, èyí tó ń fa wàhálà jù ni ìwé àyẹ̀wò ara: káàdì tó sọ pé wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ alásè, agbáwo àti ọmọ tó ń fọ abọ́ wò, pé wọn kò rí àrùn tó lè ti ọwọ́ wọn bọ́ sínú ọbẹ̀. Owó ni wọ́n fi ń gbà á, ó lọ́jọ́ tó ń kú, ó sì di dandan kí olóúnjẹ tún un ṣe. Àwọn kan gbà pé ọgbọ́n tí ìjọba dá láti gbowó lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù ni. Ṣùgbọ́n káàdì yìí ti pẹ́ láyé ju ìpínlẹ̀ Èkó fúnra rẹ̀ lọ, alásè kan ní ìlú New York ló sì jẹ́ kí ayé mọ ìdí tí irú rẹ̀ fi lè wúlò.

Mary Mallon ni orúkọ obìnrin náà, ọmọ ilẹ̀ Ireland. Ní ọdún 1906, ó ń dáná fún ìdílé ọlọ́rọ̀ kan tó gba ilé ìsinmi ní Oyster Bay, ni ènìyàn mẹ́fà nínú mọ́kànlá tó wà nínú ilé náà bá dùbúlẹ̀ àìsàn táífọ́ìdì, èyí tí àwa ń pè ní ibà jẹ̀funjẹ̀fun. George Soper, ẹni tí wọ́n bẹ̀ kó wádìí ọ̀rọ̀ náà, tọpa alásè yìí láti ilé dé ilé, ó sì rí i pé bó ṣe ń lọ ni táífọ́ìdì ń tẹ̀ lé e. Ara Mary le koko ní tirẹ̀. Kòkòrò náà ń gbé inú rẹ̀ láì dà á láàmú, ó ń bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde, ọwọ́ tí kò fọ̀ dáadáa ló sì ń gbé e dé orí oúnjẹ. Wọ́n tì í mọ́ erékùṣù kan ní 1907, wọ́n tú u sílẹ̀ ní 1910 lórí àdéhùn pé kò ní dáná fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ní 1915, wọ́n bá a nínú ilé ìdáná ilé ìwòsàn aláboyún, ó ti yí orúkọ padà. Wọ́n dá a padà sí erékùṣù náà títí ó fi kú ní 1938. Láti ìgbà náà ni àwọn aláṣẹ ìlera káàkiri ayé ti ń rò pé bí a bá yẹ alásè wò kó tó dé ìdí ààrò, a ó ti mú olè náà lẹ́nu ọ̀nà.

Ní Èkó, ilé ni wọ́n kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò, kì í ṣe ara. Àwọn wòlé-wòlé ayé àwọn òyìnbó a máa yọjú wo ìkòkò omi bóyá tanwíjí wà nínú rẹ̀, wọn a sì máa gbé onílé lọ sí kóòtù. Òfin ìlera ìlú ti ọdún 1917 fún iṣẹ́ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tó sọ ọ́ di iṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà gan-an ni Dókítà Isaac Ládipọ̀ Olúwọlé, tó gboyè ìṣègùn ní Glasgow ní 1918, tó sì di oníṣègùn ìlera ìlú Èkó. Òun ni ìtàn sọ pé ó dá ilé ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó sílẹ̀ ní Yábàá ní 1920, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn wòlé-wòlé. Nígbà tí àrùn eku bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924, àwọn ọmọ iṣẹ́ wọ̀nyí ló jáde lọ dẹ eku. Ó tún mú kí wọ́n máa yẹ oúnjẹ wò lọ́jà, kí wọ́n sì máa yẹ ẹran wò ní odò ẹran kó tó kan ẹnu ará ìlú.

Lẹ́yìn òmìnira, iṣẹ́ yìí bọ́ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì wà dòní. Àfikún kẹrin nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 kọ ọ́ gbangba pé ìjọba ìbílẹ̀ ló ni àkóso ilé oúnjẹ, ilé búrẹ́dì àti ibi gbogbo tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ fún ará ìlú. Ọ̀rọ̀ wá díjú díẹ̀ ní Abúlé Ẹ̀gbá. Ìwé òfin mọ ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n láti 2003 tí ìpínlẹ̀ Èkó ti pín àwọn ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, Àgbádó/Òkè-Odò ni olóúnjẹ àdúgbò náà ń bá pàdé. Ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bọ́ sí apá Agége tàbí Ìfàkò-Ìjàiyè, ọ́fíìsì mìíràn ni yóò lọ. Kí olóúnjẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, kó kọ́kọ́ mọ ilẹ̀ ta ni òun dúró lé.

Àṣìṣe kan tún wọ́pọ̀ tó yẹ ká mú kúrò. Nọ́ńbà NAFDAC kì í ṣe ti búkà. Àjọ náà, tí òfin ọdún 1993 dá sílẹ̀, ń forúkọ oúnjẹ tí wọ́n dì pọ̀ fún títà sílẹ̀: píọ́ wọ́tà, ṣinṣín inú ọ̀rá, ohun mímu inú ike. Bí alásè bá ń bu ìrẹsì sí abọ́ fún ẹni tó jókòó, ìjọba ìbílẹ̀ àti ti ìpínlẹ̀ ló ń wò ó. Ọjọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ sóbò sínú ike, tó lẹ orúkọ mọ́ ọn, tó ń pín in fún àwọn ṣọ́ọ̀bù, ó ti wọ ọgbà NAFDAC nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí káàdì. Bí àyẹ̀wò náà yóò bá nítumọ̀, ìgbẹ́ ni ọ̀rọ̀ wà: wọ́n á wá ẹyin aràn nínú rẹ̀, wọ́n á sì gbin díẹ̀ nínú rẹ̀ sí yàrá àyẹ̀wò fún ọjọ́ bíi mélòó kan láti wò ó bóyá kòkòrò táífọ́ìdì yóò hù. Ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ ibi àyẹ̀wò kéékèèké ń gbà, wọn a ṣe àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní Wídàlì, tó ti wà láti 1896, èsì a sì jáde lọ́jọ́ kan náà. Ohun tí Wídàlì ń wá ni ohun ìjà tí ara dá láti fi bá kòkòrò jà. Ẹni tó ṣàìsàn lọ́dún tó kọjá tó sì ti gbádùn lè ní i, nílùú tí táífọ́ìdì sì ti wọ́pọ̀ bíi tiwa, ara tó dá ṣáká pàápàá lè gbé e jáde. Ní ìdàkejì, ẹni tó ń gbé kòkòrò kiri bíi Mary lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbẹ́ gan-an kò sì ní tú àṣírí lẹ́ẹ̀kan, nítorí kòkòrò náà kì í jáde lójoojúmọ́. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ fi ń gba ẹ̀ẹ̀mẹta. Káàdì tó bá gbé èsì Wídàlì nìkan, tí kò sí ọjọ́ tí wọ́n gba ìgbẹ́ lórí rẹ̀, kò sọ púpọ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n kà.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ èmi nìkan. Àjọ ìlera àgbáyé gbé ìwé kan jáde ní 1989 lórí àyẹ̀wò àwọn tó ń fọwọ́ kan oúnjẹ, ibi tó sì parí sí ni pé yíyẹ ara wọn wò lóòrèkóòrè kò dènà àrùn tó bí wọ́n ṣe rò. Ara tó mọ́ lọ́jọ́ Ajé lè kó ìgbẹ́ gbuuru lọ́jọ́ Rú. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí òṣìṣẹ́ gba ẹ̀kọ́, kí ó sì lè sọ fún ọ̀gá pé inú ń yọ òun lẹ́nu kí wọ́n ní kó lọ sílé. Ibẹ̀ ló ti le fún wa. Ọmọ tí wọ́n ń sanwó fún lójúmọ́ mọ̀ pé bí òun bá lọ sílé, owó ọjọ́ náà ti lọ. Yóò pa inú mọ́ra. Ní tèmi, ọ̀gá tó ń sanwó ọjọ́ àìsàn fún agbáwo rẹ̀ ń ṣe ju káàdì mẹ́wàá lọ.

Wòlé-wòlé tó mọṣẹ́ mọ èyí náà. Yóò wo ọjọ́ tó wà lórí káàdì, yóò wo bóyá iye káàdì bá iye ènìyàn tó wà nídìí iṣẹ́ dọ́gba, lẹ́yìn náà yóò kọjú sí ọwọ́: èékánná, òrùka, egbò tí wọn kò bò. Yóò béèrè ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́. Kẹ́ẹ̀gì tó ní ẹnu ẹ̀rọ nísàlẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ tó. Abọ́ omi kan tí gbogbo wọn ń ki ọwọ́ bọ̀ kò tó. Yóò tẹ̀ lé omi lọ dé orísun rẹ̀, nítorí bohólù tàbí kànga tó sún mọ́ ṣáláńgá jẹ́ ẹjọ́ ńlá. Ọgbọ̀n mítà ni wọ́n máa ń fẹ́ kó wà láàárín wọn. Yóò ṣí fírísà wò bóyá ẹran tútù wà lórí ọbẹ̀ tó ti jinná tí ẹ̀jẹ̀ ń kán sí i. Yóò bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn àpò ìrẹsì fún ìgbẹ́ eku. Yóò tún wo ohun tí wọ́n fi ń di oúnjẹ, nítorí ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin de ike funfun fúyẹ́fúyẹ́ láti oṣù kìíní 2024.

Ìbéèrè tó ń tú alásè òde ìnáwó fó jù ni èyí: “Mọ́mì, ìgbà wo lẹ se ìrẹsì yìí?” Ká ní ìyàwó ni wọ́n ń gbé lọ́jọ́ Sátidé. Alásè parí ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ní aago mọ́kànlá alẹ́ Ẹtì, ó kó o gbóná sínú kúlà ńlá, ó dé e. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, aago kan, wọ́n bù ú fún àlejò. Wákàtí mẹ́rìnlá. Nínú ìrẹsì tútù ni irúgbìn kòkòrò kan wà, Bàsílọ́ọ̀sì sérúsì, tí omi híhó kì í pa. Kúlà kì í dáná. Ó kàn ń jẹ́ kí ooru pẹ́ kó tó lọ ni. Nígbà tí àárín ìrẹsì bá ti wálẹ̀ sísàlẹ̀ dígírì 60, irúgbìn náà á hù, á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, á sì da májèlé sílẹ̀. Bí alásè bá tún un gbé kaná láàárọ̀, kòkòrò lè kú, májèlé náà kò ní kú. Láàárín wákàtí kan sí mẹ́fà lẹ́yìn tí wọ́n jẹun, èébì á bẹ̀rẹ̀, àwọn ẹbí á sì máa wá ẹni tó fi nǹkan sóúnjẹ.

Kò sí ohun tó hàn lójú tàbí nímú pé ìrẹsì náà ti bàjẹ́. Ìdí nìyí tí tẹmọ́mítà onírin gígùn, tí wọ́n ń gún bọ àárín oúnjẹ, fi wúlò fún alásè ju káàdì lọ. Kí oúnjẹ náà máa gbóná ju dígírì 60 lọ títí wọn yóò fi bù ú. Bí ó bá di dandan kó se é mọ́jú, kó tú u sínú àwọn abọ́ pẹlẹbẹ kó lè tutù kíá: láti 60 sí 21 láàárín wákàtí méjì, kó sì wọ fírísà tí iná kò ní já lójú ẹ̀. Pẹ̀lú iná mànàmáná wa, mo rò pé kí alásè jí ní aago mẹ́rin ìdájí kó se é tuntun ló rọrùn jù.

Nígbà tí kọ́lẹ́rà gba Èkó ní oṣù kẹfà 2024, ohun tí ìjọba ìpínlẹ̀ nàka sí nínú ìwádìí rẹ̀ ni omi ọ̀fíò tí wọ́n ń tà nínú ike láìní nọ́ńbà NAFDAC. Ọ̀fíò kì í fara kan iná. Wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n fi omi sẹ́ ẹ, wọ́n rọ ọ́ sínú ike. Ohunkóhun tó bá wà nínú omi tàbí lọ́wọ́ ẹni tó ń sẹ́ ẹ ló bá a lọ sínú ènìyàn. Káàdì àyẹ̀wò ara ẹni tó ń tà á kò lè dí omi kànga.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń tajà oúnjẹ ní Peckham nílùú London kò mọ káàdì yìí rárá. Níbẹ̀, ìjọba kì í béèrè ìgbẹ́. Olóúnjẹ ní láti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba àdúgbò ó kéré tán ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n kó tó ṣílẹ̀kùn, kó sì máa kọ bó ṣe ń se oúnjẹ àti bó ṣe ń tọ́jú rẹ̀ sílẹ̀. Láti 2010 ni wọ́n ti ń fún wọn ní máàkì láti òdo dé márùn-ún tí oníbàárà lè rí. Tiwa, nígbà tí wòlé-wòlé bá rí àìtọ́, ìwé ìkìlọ̀ ló kọ́kọ́ ń já, tó kọ ohun tó bàjẹ́ àti iye ọjọ́ tí olóúnjẹ ní láti fi tún un ṣe sínú rẹ̀. Bí ó bá padà wá tí kò sí àtúnṣe, kóòtù ló kàn. Nítorí náà, ẹ gba ẹ̀dà ìwé náà, kí ẹ sì rí i pé orúkọ òṣìṣẹ́ náà, ọ́fíìsì rẹ̀ àti ọjọ́ ìpadàbọ̀ wà lórí rẹ̀.